Bí Ohun Gbígbóná Ṣe Ń Tutù Nínú Yàrá: Kíkà Méjì Tó Ń Fi Ìyára Rẹ̀ Hàn

Ohun gbígbóná tí a gbé kalẹ̀ nínú yàrá kì í tutù ní ìyára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ìgbóná rẹ̀ á máa já wálẹ̀ wàràwàrà. Bó bá ti ń sún mọ́ ìgbóná yàrá, á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, títí yóò fi ṣòro láti rí ìyàtọ̀ kankan lójú tẹmómítà. Síbẹ̀, ìlànà kan ṣoṣo ló ń darí ìyára ìbẹ̀rẹ̀ àti ìfalẹ̀ ìkẹyìn yìí. Ẹni tó bá mọ ìlànà náà, tó sì ka tẹmómítà lẹ́ẹ̀mejì péré pẹ̀lú aago lọ́wọ́, lè sọ bí nǹkan náà yóò ṣe gbóná tó ní wákàtí kan tàbí méjì sí i.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Omi gbígbóná wà nínú ife tánganran kan tó gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lítà. Wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 28°C, kò sì sí fáànù tó ń fẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka tẹmómítà, omi náà wà ní 88°C. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti wálẹ̀ sí 68°C. A yan àwọn òǹkà yìí kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà sí ohun tí irú ife bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ní tòótọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí omi náà bá pàdánù dígírì 20 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò tún pàdánù 20 mìíràn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, àti 20 sí i lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, omi náà ì bá dé 28°C ní ìṣẹ́jú 90, ì bá sì wà ní 8°C ní wákàtí méjì, bí omi tí wọ́n gbé jáde láti inú fíríìjì. Kò sí ife kankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì. Ibi tí ìrònú náà ti ṣìnà ni pé ó ka dígírì tí omi pàdánù, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tó ń lé ooru jáde kúrò lára omi.

Ohun tó ń lé ooru jáde ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná omi àti ìgbóná yàrá. Afẹ́fẹ́ tó fara kan ife á gbóná, á fúyẹ́, á sì gòkè. Afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ á wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ife bá gbóná ju yàrá lọ gan-an, afẹ́fẹ́ yìí á gba ooru púpọ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò gbà. Nígbà tí ife àti yàrá bá dọ́gba, kò sí ohun tó ń lé ooru jáde mọ́, ìtutù á sì dáwọ́ dúró. Nítorí náà, òǹkà tó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ ni iye dígírì tí omi fi gbóná ju yàrá lọ. Nínú àròkọ yìí, àlékún ni a ó máa pe iye náà. Ìlànà náà kò ju gbólóhùn kan lọ: ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìdá kan náà nínú àlékún tó kù ni ohun gbígbóná ń pàdánù.

Isaac Newton ló kọ́kọ́ gbé ìlànà yìí kalẹ̀, nínú ìwé kékeré kan tó kọ ní èdè Látìn, tí a sì tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1701 láìfi orúkọ rẹ̀ sí i. Kì í ṣe bí omi ṣe ń tutù ló ń wá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí àwọn nǹkan tó gbóná kọjá agbára tẹmómítà rẹ̀ ṣe gbóná tó, nítorí òróró lìnsíìdì ló wà nínú tẹmómítà náà, kò sì lè wọn irin tó ti pọ́n nínú iná. Newton mú irin ńlá kan tó pọ́n kúrò nínú iná, ó gbé e síbi tútù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láìdáwọ́ dúró, ó sì to àwọn ẹ̀jẹ́ mẹ́táàlì tí iná lè yọ́ lé e lórí. Bí irin náà ṣe ń tutù, ó ń kọ àkókò tí ẹ̀jẹ́ kọ̀ọ̀kan dì padà sílẹ̀. Nítorí ó gbà pé àlékún ń pàdánù ìdá kan náà láàárín àkókò tó dọ́gba, ó lè ti ara aago ṣírò bí irin náà ṣe gbóná tó nígbà tí tẹmómítà kò lè sọ fún un. Ó tọ́ láti kíyè sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró yẹn. Newton kò fi í síbẹ̀ lásán, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn níwájú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ife tánganran. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlékún rẹ̀ jẹ́ 88 dín 28, ìyẹn dígírì 60. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó jẹ́ 68 dín 28, ìyẹn 40. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Pẹ̀lú èyí nìkan, láìtíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, ènìyàn ti lè sọ ohun tó ń bọ̀: ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdá méjì nínú mẹ́ta àlékún ni yóò máa ṣẹ́ kù. Láti 40, yóò di nǹkan bí 26.7, omi yóò sì wà ní 54.7°C nígbà tí wákàtí kan bá pé. Ní ìṣẹ́jú 90, àlékún á di 17.8, omi á wà ní 45.8°C. Ní wákàtí méjì, àlékún á kù sí nǹkan bí 11.9, omi á sì kù díẹ̀ kó dé 40°C. Bí owó ẹni tó ń ná ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù lápò rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣe ń lọ ló ń lọ: iye tó ń ná ń kéré sí i, owó náà kì í sì í tán pátápátá.

Ṣùgbọ́n ìṣírò bẹ́ẹ̀ ń fo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ mọ bí omi yóò ṣe rí ní ìṣẹ́jú 47, tàbí tó fẹ́ fi ife yìí wé òmíràn tí wọ́n kà ní ìṣẹ́jú 20 síra, nílò òǹkà tí kò gbára lé bí kíkà méjèèjì ṣe jìnnà síra tó. Òǹkà yẹn ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà k kọ, òun sì ni òṣùwọ̀n ìyára ìtutù. Bí a bá pe kíkà àkọ́kọ́ ní T1, tí a pe èkejì ní T2, tí Ta jẹ́ ìgbóná yàrá, tí t sì jẹ́ iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín kíkà méjèèjì, bí a ṣe ń rí k nìyí:

```
k = ln[(T1 − Ta) / (T2 − Ta)] / t
```

Bọ́tìnì ln wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń lò, ó sì wà lórí ti fóònù náà bí wọ́n bá yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, 60 tí a fi 40 pín jẹ́ 1.5. Bí a bá tẹ ln fún 1.5, a ó rí 0.4055. Bí a bá fi 30 pín ìyẹn, k jẹ́ 0.0135 fún ìṣẹ́jú kan.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, omi náà ń pàdánù nǹkan bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àlékún rẹ̀. Nígbà tí àlékún jẹ́ 60, ìyẹn tó nǹkan bí dígírì 0.8 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá di 12, kò ju 0.16 lọ. Ìyára lójú tẹmómítà ti dín kù gan-an, ṣùgbọ́n k kò yí padà rárá. “Fún ìṣẹ́jú kan” tó wà lẹ́yìn òǹkà náà kò gbọ́dọ̀ sọnù, nítorí k kan náà yìí yóò di 0.81 bí wọ́n bá fi wákàtí ṣe ìṣirò.

Ẹni tí kò bá ní bọ́tìnì ln lọ́wọ́ ṣì lè sún mọ́ ọn dáadáa. Yóò mú dígírì 20 tí omi pàdánù, yóò fi àárín àlékún méjèèjì pín in, ìyẹn 50, yóò tún fi 30 pín èsì rẹ̀. Òǹkà tó máa rí ni 0.0133. Bí ó bá jẹ́ 60 ìbẹ̀rẹ̀ ló fi pín in, 0.0111 ni yóò rí. Ìyẹn kéré jù, torí pé àlékún kò dúró sórí 60 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí k bá ti wà lọ́wọ́, ìlà kan tó kù ni èyí tó ń sọ ìgbóná ní àkókò yòówù:

```
T = Ta + (T1 − Ta) × e^(−k × t)
```

A sì lè yí i padà láti béèrè àkókò. Ìgbà wo ni omi inú ife yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 40°C? Àlékún ní 40°C jẹ́ 12. Bí a bá fi 12 pín 60, yóò jẹ́ 5. Ln ti 5 jẹ́ 1.609, bí a bá fi 0.0135 pín ìyẹn, yóò jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 119. Èyí bá ohun tí a ti rí mu, pé ní wákàtí méjì omi náà yóò ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 40°C.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ nínú ìṣirò yìí ni kí ènìyàn gbàgbé láti yọ ìgbóná yàrá kúrò. Ó máa ń fi 68 pín 88 tààrà, á tẹ ln, á sì rí k tó jẹ́ 0.0086. Òǹkà náà kò burú lójú, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀ tó ń kéde pé ó ṣìnà. Ní ìṣẹ́jú 90, yóò sọ pé omi wà ní 40.6°C, nígbà tí òtítọ́ jẹ́ 45.8°C; ẹlòmíràn lè rò pé tẹmómítà ló jẹ̀bi. Ohun tó ń tú àṣìṣe náà síta ni kí wọ́n wò ó dé iwájú dáadáa. Ní wákàtí mẹ́ta, ìṣirò yẹn ní kí omi wà ní 18.7°C nínú yàrá tó jẹ́ 28°C. Ohun tí kò ṣeé ṣe nìyẹn, nítorí yàrá kò lè mú ohun kan tutù ju ara rẹ̀ lọ lọ́nà yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí k gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò báyìí, kó ṣírò ìgbóná fún àkókò tó jìnnà, kó sì wò bóyá ó dúró lórí ìgbóná yàrá.

Èyí tó tẹ̀ lé e ní pàtàkì ni àkókò tí a yàn fún kíkà kejì. Bí tẹmómítà bá lè ṣì dígírì kan sókè tàbí sísàlẹ̀, àlékún 60 lè jẹ́ 59 tàbí 61, 40 sì lè jẹ́ 39 tàbí 41. Bí àṣìṣe méjèèjì bá fà síra, k á wà láàárín 0.0121 àti 0.0149. Ìyẹn ṣeé fara mọ́. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kánjú ka ìkejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Omi á wà ní nǹkan bí 85.6°C, ìyàtọ̀ láàárín kíkà méjèèjì kò ní ju dígírì 2.4 lọ, àṣìṣe dígírì kan ní apá méjèèjì á sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mì. K lè jẹ́ 0.0023, ó sì lè jẹ́ 0.025, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun.

Kí wọ́n wá dúró pẹ́ gan-an kò dára náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, àlékún á ti kù sí nǹkan bí dígírì 1.6. Nígbà yẹn, àṣìṣe dígírì kan nínú kíkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Èyí tó burú jù ni pé ìgbóná yàrá gan-an di ohun tó ń darí ìdáhùn. Bí ẹni tó ń ṣírò bá rò pé yàrá jẹ́ 26°C dípò 28°C, kíkà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fún un ní k tó jẹ́ 0.0130, ìyẹn kò jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n kíkà wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ á fún un ní 0.0105. Láàárín ìkánjú àti ìpẹ́jù, ibi tó dára jù ni ìgbà tí àlékún bá ti kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún ife yìí, ìyẹn jẹ́ nígbà tí omi bá dé nǹkan bí 48°C, ní ìṣẹ́jú 80 tàbí díẹ̀ lé sí i. Níbẹ̀, àṣìṣe dígírì kan kò lè gbé k kọjá láàárín 0.0127 àti 0.0143.

Gbogbo èyí dúró lórí pé k kì í yí padà láàárín kíkà méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọmọrí tí wọ́n fi dé ife nínú àpẹẹrẹ wa wà fún ìdí kan. Bí ife bá ṣí sílẹ̀, omi á máa fà lọ sínú afẹ́fẹ́, èéfín tó sì ń gbé omi lọ ń gbé ooru púpọ̀ lọ pẹ̀lú. Bí omi bá gbóná gan-an, fífà yìí a máa yá ju bí àlékún nìkan ṣe lè sọ lọ. Bó bá ti ń tutù, á dín kù kíákíá. Nítorí náà, k tí wọ́n rí láti 88°C sí 68°C nínú ife tó ṣí sílẹ̀ máa ń ju èyí tí wọ́n rí láti 50°C sí 40°C lọ, asọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé lé ti àkọ́kọ́ á sì máa sọ pé omi ti tutù ju bó ṣe wà gan-an.

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ náà ń yí k padà. Bí wọ́n bá tan fáànù láàárín kíkà àkọ́kọ́ àti èkejì, k kejì ni ife náà ń bá lọ láti ìgbà náà, òǹkà tí ìṣirò mú wá á sì jẹ́ àdàlù méjèèjì. Kódà nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lára ife ń yára sí i bí ife bá ṣe gbóná sí i, èyí sì ń mú kí k tóbi díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju ìparí lọ. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ Newton fi ṣe pàtàkì: bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìta ní ìyára kan náà, ìgòkè afẹ́fẹ́ lára irin kò ní lágbára tó láti yí ohunkóhun padà. Fún ohun tó gbóná gan-an, ìdí mìíràn tún wà. Ní 1817, àwọn ará Faransé méjì, Dulong àti Petit, fi hàn pé bí ìyàtọ̀ ìgbóná bá pọ̀, ìtutù máa ń yára ju bí ìlànà Newton ṣe sọ lọ. Ní 1879, Josef Stefan ní Fìẹ́nà ṣàlàyé apá kan rẹ̀: ooru tí ohun gbígbóná ń tàn jáde bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ń pọ̀ sí i lọ́nà tó yára ju àlékún lọ. Fún omi inú ife, èyí kì í da nǹkan rú púpọ̀. Fún irin tó pọ́n, a máa da á rú gan-an.

Ìlànà náà tún nílò kí ohun gbígbóná ní ìgbóná kan ṣoṣo káàkiri inú rẹ̀. Omi máa ń ru ara rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ó rọrùn fún un. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iṣu sísè tó tóbi: ẹ̀yìn rẹ̀ lè tutù débi tí ọwọ́ fi lè mú un, nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń jó ẹnu. Ibi tí wọ́n bá ti tẹmómítà bọ ni yóò pinnu k tí wọn yóò rí.

Láti mọ̀ bóyá ìlànà bá ohun kan mu, kíkà kẹta ló ń sọ ọ́. Kí wọ́n kà á ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn sí i. Bí àlékún bá ti lọ láti 60 sí 40, tó sì tún lọ láti 40 sí nǹkan bí 26.7, ìdá kan náà ló ń ṣẹ́ kù, k sì ṣeé gbára lé. Bí ó bá jẹ́ 30 ló kù, ohun kan ti yí padà láàárín: bóyá ife kò ní ọmọrí, bóyá fáànù ti dúró, bóyá yàrá fúnra rẹ̀ ti gbóná sí i.

Kíkà mẹ́ta tí àárín wọn dọ́gba tún lè ṣe ohun kan tí méjì kò lè ṣe. Ó lè sọ ìgbóná yàrá fún ẹni tí kò wọ̀n ọ́n:

```
Ta = (T1 × T3 − T2²) / (T1 + T3 − 2 × T2)
```

Fún 88, 68 àti 54.7, ó ń fúnni ní 28.3°C, èyí tó sún mọ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí tẹmómítà kò bá ní ìdá kékeré, tí wọ́n sì kọ 55 dípò 54.7, èsì rẹ̀ á fò lọ sí 30.9°C. Dígírì 0.3 péré nínú kíkà kan di nǹkan bí dígírì mẹ́ta nínú ìdáhùn. Nítorí náà, bí ààyè bá wà láti gbé tẹmómítà sórí tábìlì kan náà, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí ife, kí wọ́n sì ka ìgbóná yàrá tààrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, ọ̀nà yẹn sàn ju kí ìṣirò máa wá a lọ.